Tẹlifíṣọ̀n tó ń dún kọ́-kọ́ tí kò tàn: ṣé páwà bọ́ọ̀dù ló kú lóòótọ́?

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àpáta, nílùú Ìbàdàn níbí, ni mo ń gbé. Tẹlifíṣọ̀n wa, ínǹṣì 32, tòkunbọ̀, kò tàn mọ́. Tí a bá tẹ rìmóòtù, á kàn máa dún kọ́, kọ́, kọ́, iná pupa iwájú rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní páwà bọ́ọ̀dù ló kú, pé kí n mú ₦35,000 wá ká fi ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ ṣì mú owó yẹn dání ná. N ò sọ pé oníṣẹ́ yín ń purọ́ o, àmọ́ bọ́ọ̀dù tó bá kú pátápátá kì í dún. Òkú kì í kan ilẹ̀kùn. Tí fíúsì bá ti jó tí iná ò wọlé rárá, ẹ ò ní gbọ́ kọ́ kankan, iná pupa yẹn náà ò sì ní yọjú. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ìgbìyànjú ni. Bọ́ọ̀dù fẹ́ dìde, nǹkan kan fà á lulẹ̀, ó tún gbìyànjú, wọ́n tún fà á lulẹ̀. Ẹni tó ń fà á lulẹ̀ la fẹ́ mọ̀. Nígbà mìíràn, inú páwà bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló wà, kò sì ju kápásítọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá, tí ẹ bá ra bọ́ọ̀dù tuntun fi síbẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́ lọ́jọ́ tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ariwo náà, torí oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan le dáadáa. Ẹ ó gbọ́ ọ láti orí àga tí ẹ jókòó sí, bíi ká tẹ súìṣì ara ògiri. Rílè ló ń dún báyẹn. Àpótí ike kékeré kan ni rílè, inú rẹ̀ ni wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ irin wà, pẹ̀lú ahọ́n irin kan níwájú rẹ̀. Bí iná díẹ̀ bá ti kan wáyà yẹn, irin á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa ahọ́n mọ́ra, iná ńlá á wá rí ọ̀nà kọjá. Kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí iná bá ti fi wáyà sílẹ̀, ahọ́n á padà sẹ́yìn, kọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ ọ ní méjì-méjì tí ẹ bá fara balẹ̀. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó kọ́kọ́ wọ̀lú, tó nípọn díẹ̀, ló sábà máa ń ní rílè, inú àwọn tòkunbọ̀ la sì ti ń rí wọn jù báyìí. Láti inú ohun tí ẹ kọ, ó jọ pé irú èyí ni tiyín.

Ariwo kejì kì í le. Ẹ máa ní láti gbé etí sún mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó gbọ́ ọ: tìkì, tìkì, tìkì, ó ń lọ déédéé bí aago. Mo máa padà sórí ìyẹn níwájú.

Iṣẹ́ tí páwà bọ́ọ̀dù ń ṣe ò ṣòro láti yé èèyàn. Iná ara ògiri, fóòtì 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọlé, wọ́n sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, ó wá di nǹkan bíi fóòtì 310. Wọ́n gé ìyẹn sí wẹ́wẹ́, wọ́n tì í gba inú tíránsífọ́mà kékeré, ìhà kejì ni iná tí kò le ti ń jáde: fóòtì 5 tí kì í sùn, tó ń dúró de rìmóòtù, fóòtì 12 fún méènì bọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń darí àwòrán àti ohùn, àti èyí tó ń tan iná ẹ̀yìn gíláàsì. Fóòtì 5 yẹn ló ń tan iná pupa tí ẹ ń rí. Tí ẹ bá tẹ rìmóòtù, méènì bọ́ọ̀dù á ránṣẹ́ sí páwà bọ́ọ̀dù pé kó gbé àwọn tó kù dìde, rílè á dún kọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá jókòó dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ òmíràn mọ́ títí ẹ ó fi pa á.

Ibi tí kápásítọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Iná tó ń jáde lára tíránsífọ́mà kì í dà gẹẹrẹ, ó ń já ni, ó ń so, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kápásítọ̀ ló ń ṣe bí àmù ẹ̀yìn ilé: ẹ̀rọ omi ì báà máa dá, àmù ní tirẹ̀ ń fúnni lómi láìdáwọ́ dúró. Omi kan wà nínú irú kápásítọ̀ yìí tí ooru máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni àmù ń kéré sí i. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló wá bu ife omi kan, kò sẹ́ni tó máa fura. Ìyẹn ni iná pupa tó ń tàn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Àmọ́ tí gbogbo agboolé bá gbé garawa dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn nígbà tí ẹ tẹ rìmóòtù, omi á tán nínú àmù. Fóòtì á já wálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú bọ́ọ̀dù á rí i, á pa gbogbo rẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Kọ́. Ó tún gbìyànjú. Kọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wá: báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Tí wọ́n bá ní, “Tẹ́lẹ̀, á dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó tàn, nígbà tó yá ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ọmọ á ti lọ jẹun kí wọ́n tó padà dé,” mo ti mọ̀ pé kápásítọ̀ ni kí n tó tú ṣúrù kankan. Kò wọ́pọ̀ kí nǹkan mìíràn ṣàìsàn pẹ́ báyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó tàn dáadáa lálẹ́ àná, tí wọ́n mú iná lọ, tí wọ́n mú un padà, tó wá di kọ́-kọ́ lójijì, ibòmíràn ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ò sọ èyí fún mi nínú ìbéèrè yín. Ẹ bi àwọn ará ilé, pàápàá ẹni tó máa ń tan tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀.

Ìyá kan láti Mọ́níyà gbé ọ̀kan tó jọ tiyín wá. Bí mo ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí kápásítọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin funfun tó ń tu ooru, tí orí wọn wú. Orí kápásítọ̀ tó dáa tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí ìlù. Tàwọn yìí ti yọ gọ́ńgọ́, ọ̀kan ti sán, ohun kan tó dà bí èépá orí egbò ti gbẹ sórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára ni máíkírófárádì 1000, ìyẹn bí àmù ṣe tóbi tó, àti fóòtì 10. Mo fi mítà sí ojú `5VSB`, ìyẹn fóòtì 5 tí kì í sùn, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ń sùn: fóòtì 5.1, kò sí wàhálà. Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti máa ń ṣìnà, torí wọ́n á wọn ọ́n nígbà tó ń sùn, wọ́n á rí 5, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ṣe apá yẹn. Èmi ò gbé mítà kúrò. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ rìmóòtù. Rílè dún, 5.1 já sí 3.4, fóòtì 12 ò ju 7 lọ, ó ṣubú, rílè tún dún. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ lójú wa lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Mo yọ àwọn méjì tó wú. Ìkẹta wà lójú fóòtì 12 tí orí rẹ̀ tẹ́ bí tuntun. Ká ní ojú nìkan ni mo fi ń wò ni, mi ò bá fi í sílẹ̀. Mo yọ ọ́, mo wọn ọ́n: 1000 ni wọ́n kọ sí i lára, kò ku ju 180 lọ. Orí tó tẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ara le. Mo fi máíkírófárádì 1000, fóòtì 25, rọ́pò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fóòtì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò léwu, ó kàn máa ń sanra díẹ̀ ni, kí ẹni tó ń fi í sí i ti rí i pé ideri ẹ̀yìn máa pa dé. Máíkírófárádì ni kò gbọ́dọ̀ dín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yà tó lè gba ooru tó ìwọ̀n 105 ni kí ó rà, kì í ṣe 85, torí ẹ̀gbẹ́ irin gbígbóná ló máa gbé. Ilà funfun ara rẹ̀ ni apá òdì, tí wọ́n bá yí i padà á bú. Mo tẹ rìmóòtù: kọ́ ẹyọ kan, fóòtì 12.2, ó dúró síbẹ̀. Mo jẹ́ kó tàn títí ọjọ́ kejì kí ìyá náà tó wá gbé e. Owó kápásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ká ní gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá ti parí lẹ́tà yìí. Ọkùnrin kan láti Òkè-Àdó gbé tirẹ̀ wá, pẹ̀lú páwà bọ́ọ̀dù méjì nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ó ti ra bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan náà, kọ́-kọ́ ò lọ. Kò sí kápásítọ̀ tó wú nínú ìkankan. Ohun tí mo ṣe kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún: mo yọ okùn wáyà tó so páwà bọ́ọ̀dù mọ́ méènì bọ́ọ̀dù, kí páwà bọ́ọ̀dù dá wà. Fóòtì 5 rẹ̀ dúró gbọnyin. Ó kù kí n mọ̀ bóyá fóòtì 12 náà máa dìde. Méènì bọ́ọ̀dù tó yẹ kó ránṣẹ́ ti wà ní yíyọ, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo jẹ́ iṣẹ́ náà: mo fi rẹsísítọ̀ kan, kílò-óómù 1, so ojú `5VSB` mọ́ ojú `PS-ON` tí iṣẹ́ náà ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló ń gbọ́ irú èdè yìí, kì í ṣe gbogbo wọn, kí oníṣẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan kó tó dán an wò. Kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Fóòtì 12.3. Kò mì.

Páwà bọ́ọ̀dù ò jẹ̀bi nìyẹn. Àwọn méjì tó wà nínú láílọ́ọ̀nù náà ò jẹ̀bi, mo dán wọn wò lójú ọkùnrin náà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá fi mítà wọn ojú fóòtì 12 lórí méènì bọ́ọ̀dù sí ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú tí iná ń gbà padà, mo bá a pé wọ́n ti kan ara wọn, kò sí ìdènà kankan láàárín. Mo da sípírítì díẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, mo fi fóòtì 1 péré ránṣẹ́ sí i láti ara ẹ̀rọ iná orí tábìlì mi, mo ń wo ibi tí sípírítì ti máa kọ́kọ́ gbẹ. Ó gbẹ lórí kápásítọ̀ pélébé kan tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Òun ló ń gbé iná sọ̀ sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí páwà bọ́ọ̀dù bá sì fẹ́ gbé fóòtì 12 dìde ló ń bá òkú ilẹ̀ pàdé, tó ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Mo fa kápásítọ̀ náà tu, tẹlifíṣọ̀n tàn. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ò purọ́ o, ohun tó rí ló sọ: iná ò jáde. Kò kàn bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ò jẹ́ kó jáde.

Ẹ rí i, yíyọ okùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Tó bá dákẹ́ tó sì dúró nígbà tí ó dá wà, tí kápásítọ̀ rẹ̀ sì pé nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, méènì bọ́ọ̀dù tàbí gíláàsì ló lẹ́jọ́. Tó bá dá wà tó ṣì ń ṣubú, inú páwà bọ́ọ̀dù náà ni ká wá a sí. Ó ku ibì kan tó lè tan oníṣẹ́ jẹ: okùn tó ń lọ sí iná ẹ̀yìn gíláàsì, òun náà ni kó yọ, torí iná ẹ̀yìn tó bá ti kan ara rẹ̀ lè fa páwà bọ́ọ̀dù lulẹ̀ bákan náà.

Ní ti tìkì-tìkì kékeré yẹn, àwọn tẹlifíṣọ̀n ìgbà yìí, tí ò ní rílè, ló ń ṣe é. Tíránsífọ́mà ló ń dún, torí áísì tó ń darí rẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Ìdánwò kan náà la máa ṣe fún un. Tó bá jẹ́ pé páwà bọ́ọ̀dù ló jẹ̀bi, ohun méjì ni mo sábà ń bá níbẹ̀. Ìkíní ni dáyóòdù ìhà àbájáde, tó yẹ kó jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, àmọ́ tó ti kan ara rẹ̀, mítà á dún fún un ní apá méjèèjì. Ìkejì ni kápásítọ̀ tó kéré jù lórí gbogbo bọ́ọ̀dù, máíkírófárádì 22 tàbí 47, fóòtì 50, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì náà, tó ń bọ́ ọ. Òun kì í sábà wú, á kàn gbẹ láìdún láìfọ̀, áísì ò sì ní rí oúnjẹ tó láti fi jí. Mo ti rí i tí wọ́n ju bọ́ọ̀dù nù nítorí rẹ̀. Ohun tó tún burú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ínǹṣì 32 olówó pọ́ọ́kú ìsinsìnyí ti pa páwà àti méènì pọ̀ sórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Kò sí okùn láàárín wọn tí èèyàn lè yọ, oníṣẹ́ á ní láti máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àsìkò ló sì máa gbà yín lówó jù.

Ìgbà wo wá ni bọ́ọ̀dù kú lóòótọ́? Nígbà tí iná tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ bá wọlé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbí tí wáyà níútírà òpó adúgbò bá já, tí fóòtì ilé kan á dédé gorí 300 tí gílóòbù á funfun bí ọ̀sán kó tó fọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ kọ́-kọ́ kankan. Ẹ ó gbọ́ “páù!” ẹ̀ẹ̀kan, òórùn á jáde, ojú fíúsì á dú bí èédú, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lè jó lu láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ fóòtì 120 nìkan, tí ẹnì kan so mọ́ iná wa láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, bákan náà ló ń ṣe. Èyí tó jó lu báyẹn, mi ò kì í tún un ṣe, mo máa ń ní kí wọ́n ra òmíràn.

Tó bá sì di pé ẹ máa rà, nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, lórí bébà funfun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe orúkọ tẹlifíṣọ̀n nìkan. Tẹlifíṣọ̀n méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà lè gbé bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá yí ká Ògùnpa àti Kúwíìnì Sínímà, ẹ ó rí àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ lára tẹlifíṣọ̀n tí gíláàsì rẹ̀ fọ́. Ìyẹn ló wù mí jù, torí gíláàsì ló pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Àmọ́ ọjọ́ orí òun àti tiyín lè dọ́gba, nítorí náà kí oníṣẹ́ pààrọ̀ kápásítọ̀ ìhà àbájáde rẹ̀ kó tó dè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín ṣí i. Kápásítọ̀ ńlá tó dà bí agolo bátìrì lórí bọ́ọ̀dù náà lè gbé fóòtì 310 yẹn sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì. Gílóòbù olówáyà, ti àtijọ́, wọ́ọ̀tì 60 tàbí 100, ni mo máa ń fi tú u sílẹ̀: á tàn fìrì lẹ́ẹ̀kan, á kú. Àwọn kan ń fi sukudíráfà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Mo ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, mo lè fi sukudíráfà tí orí rẹ̀ yọ́ yẹn hàn yín.

Ohun tí ẹ máa sọ fún oníṣẹ́ yín ni pé kó yọ okùn méènì bọ́ọ̀dù, kó gbé fóòtì 12 dìde bí mo ṣe ṣe é lókè, kó wọn fóòtì 5 àti fóòtì 12 lójú yín, kó sọ iye tó rí. Tó bá ṣe é tó ṣì ní bọ́ọ̀dù ni, ẹ ní kó kọ́kọ́ fún yín ní iye kápásítọ̀ tó ti yọ wọ̀n. Tó bá kọ̀, tó ní ká ṣáà ra tuntun, ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá sì padà ra tuntun, ẹ gba bọ́ọ̀dù àtijọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún un.